Lẹ́tà Ọjọ́ Ajé

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kàbà ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè ṣeé kà, mo sì yọ àwọn ibi tí a ti ń bára wa ṣàwàdà kúrò.

Okun o, ẹ̀yin ọmọ Owé. Okun, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjùmú àti Búnú wá. Alága ní kí n wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe bí owó bá jáde nínú àkáǹtì rẹ̀ tí kò sì mọ ẹni tó yọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí tábìlì kan náà ní báńkì, tábìlì tí àwọn oníbàárà ń mú ẹ̀sùn wá, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ẹni tó bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀pá lu tábìlì. Bàbá kan tilẹ̀ mú iyọ̀ àti epo wá, ó ní kí n fi gbàdúrà fún ara mi kí n tó dá òun lóhùn. Nínú gbogbo wọn, àwọn tí owó wọn ń tètè padà ni àwọn tó mú ìwé wá, tí aago sì wà nínú ìwé náà.

Òfin kan ló fà á. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ ọ́ ní abala 37, ìlà kẹta. Ó ní bí báńkì bá yọ owó nínú àkáǹtì oníbàárà láìgba àṣẹ, tí oníbàárà sì fi ìwé tó wọn létí, báńkì ní láti fi àṣẹ tó bófin mu tí wọ́n fi yọ ọ́ hàn án kedere, tàbí kí wọ́n dá owó náà padà láàárín wákàtí 72. Bí wọn kò bá dá a padà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san owó náà, kí wọ́n sì san ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé e.

Ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan sọ níbẹ̀: òfin ní kí oníbàárà fi ìwé tó wọn létí. Òfin kò sọ pé kí ó pè wọ́n lórí fóònù, kò sì sọ pé kí ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà báńkì láti àárọ̀. Wákàtí 72 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó jáde, ọjọ́ tí ìwé rẹ dé ọwọ́ wọn ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi oṣù mẹ́rin lọ, tó fi oṣù mẹ́rin bọ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ báńkì sì ti mọ̀ ọ́n lójú, tí aago òfin rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, torí pé kò kọ ohunkóhun.

Kí n tó lọ jìnnà, kì í ṣe gbogbo owó tó jáde ni olè jí. Owó ìtọ́jú káàdì wà, owó àlááàtì wà, owó ìfiránṣẹ́ wà. Bí o bá lo pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n yọ owó rẹ, tí ẹ̀rọ sì ní iṣẹ́ náà kò já sí rere, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀, ó sì yá ju èyí lọ. Èyí tí mo wá sọ ni owó tí ẹlòmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jáde ní orúkọ rẹ.

Ọ̀kan ni n ó sọ ní kíkún, torí pé mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ àti gàrí nílùú yìí ni. Ó gbà kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dá orúkọ òun, kí n má sì dá orúkọ báńkì náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà. Nígbà tí ọkọ̀ dé Obajana, ó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ kí ó pe ọmọ rẹ̀, fóònù ti lọ. Ó rò pé ó bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì ni. Ohun tí kò rántí lójú ẹsẹ̀ ni pé káàdì báńkì rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀yìn fóònù náà, níbi tí púpọ̀ nínú wa ń fi í sí. Bí mo ṣe ń wí yìí, mo rí àwọn tó ń yẹ fóònù wọn wò.

Ìgbà tó dé Kàbà, ó gba fóònù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó pe báńkì ní aago 7:40 ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún wọn pé fóònù òun sọnù pẹ̀lú káàdì, kí wọ́n jọ̀wọ́ má jẹ́ kí owó jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí ó wá sí ẹ̀ka tó bá sún mọ́ ọn lọ́jọ́ Ajé. Ó dúpẹ́, ó sùn.

Kò mọ̀ pé owó ti ń jáde kí òun tó pè. Ní 6:14, ₦20,000 ti lọ. Ní 6:17, ₦50,000. Ní 6:21, ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 géérégé, olè náà sì dúró níbẹ̀. Kì í ṣe àánú ló mú un dúró. Kóòdù tí a ń tẹ̀ lórí fóònù, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tó ń parí pẹ̀lú hááṣì, Báńkì Àpapọ̀ ti fi ₦100,000 ṣe ìwọ̀n ohun tí ẹnì kan lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́. Ó ti kan òkè. Nítorí náà, ó dúró de òru. Ní 12:06 òru, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀, ₦60,000 jáde. Ní 12:09, ₦40,000. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ọjọ́ kà ju àwa lọ. Òru ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé báńkì kò ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gba síìmù tuntun fún un lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ìyókù owó rẹ̀ fara hàn, igbe ta nílé. Àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ. Ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ báńkì ló ṣe é. Ọ̀kan ní kí wọ́n lọ bá babaláwo. Àwọn méjì ti ń múra láti lọ jà ní ẹ̀ka báńkì lọ́jọ́ Ajé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo béèrè ni fóònù ọmọ rẹ̀, èyí tó fi pe báńkì. Mo fẹ́ rí ibi tí fóònù kọ ọ́ sí: nọ́ńbà tó pè, aago 7:40, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó wà níbẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà ya àwòrán ojú fóònù yẹn kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀rí yẹn ló pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. ₦100,000 kan jáde kí báńkì tó gbọ́. ₦100,000 kejì jáde lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí báńkì ti gbọ́. Lójú tèmi, kò yẹ kí ènìyàn da méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan láé. Báńkì lè bá ọ jiyàn títí lórí èyí àkọ́kọ́. Lórí èyí kejì, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìjìbìtì tọ̀sán-tòru. Wọn kò lè ní kí o dúró de ọjọ́ Ajé nígbà tí olè kò dúró. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ pé ‘wọ́n kó ₦200,000 mi lọ lọ́jọ́ Ẹtì’, o ti fi ọwọ́ ara rẹ pa apá tó lágbára jù mọ́ inú apá tó rọ̀.

Mo sì bi í léèrè, níwájú ọmọ rẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní, káàdì náà ńkọ́? Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ pé ó wà nínú àpò fóònù. Ọmọ rẹ̀ ní kí a má kọ ìyẹn sínú ìwé. Mo ní kí a kọ ọ́. Olè tí kò mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ máa ń dá tuntun sílẹ̀, àwọn nọ́ńbà tó wà lójú káàdì ni ọ̀pọ̀ báńkì sì máa ń béèrè kí wọ́n tó gbà. Báńkì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, tòun ti aago. Bí o bá pa á mọ́, tí wọ́n sì fi hàn, gbogbo ìyókù ohun tí o sọ ti di irọ́ lójú wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a fẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà jáde. Bí nọ́ńbà àṣírí bá yí padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí owó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sì tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìyá yìí kò fi owó ránṣẹ́ sí rí, ìbéèrè wà fún báńkì náà láti dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni a ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀. Ìfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti báńkì kan sí òmíràn máa ń ní nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Session ID. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báńkì tó fi owó ránṣẹ́. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago. Nínú ti àkọ́kọ́, a rí 240906181432 láàárín rẹ̀: ọdún 2024, oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kẹfà, aago 18:14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32. Ẹ kò nílò láti mọ ìyókù. Ẹ kàn da gbogbo nọ́ńbà náà kọ bí ó ṣe wà, torí pé òun ni báńkì yóò fi wá ibi tí owó náà wọlé sí. Bí kò bá hàn lórí àkọsílẹ̀ tí wọ́n fún yín, ẹ béèrè rẹ̀.

A ṣírò owó ìfiránṣẹ́ náà mọ́ ọn. ₦26.88 ni wọ́n yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin, ₦53.75 lórí ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦161.27. Ìyá náà ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀, pé ojú ń ti òun. Mo ní bí owó bá jáde láìgbàṣẹ, owó tí wọ́n gbà láti fi gbé e jáde náà kò gbàṣẹ.

Ìwé tí a kọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn, torí pé èdè tí fáìlì báńkì ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a fi rò ó:

Sí Olùdarí Ẹ̀ka.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ẹ̀sùn lórí ₦200,161.27 tó jáde nínú àkáǹtì mi láìgbàṣẹ.

Èmi ni mo ni àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Fóònù mi sọnù ní Lọ́kọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, káàdì mi sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Láàárín 6:14 àti 6:21 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìfiránṣẹ́ mẹ́ta tí iye wọn jẹ́ ₦100,000 jáde nínú àkáǹtì mi. Èmi kọ́ ni mo ṣe wọ́n. Ní 7:40 ìrọ̀lẹ́, mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ yín, mo sọ pé fóònù àti káàdì mi ti sọnù, mo sì ní kí ẹ má jẹ́ kí owó jáde mọ́. Àwòrán ìpè náà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ kò ti àkáǹtì náà. Ní 12:06 àti 12:09 òru, ìfiránṣẹ́ méjì mìíràn tí iye wọn jẹ́ ₦100,000 jáde. Nọ́ńbà Session ID márààrún wà ní ojú ewé kejì.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ dá ₦100,080.63 padà sínú àkáǹtì mi, èyí tí í ṣe owó tó jáde lẹ́yìn ìpè mi àti owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Lórí ₦100,080.64 tó jáde ṣáájú ìpè náà, ẹ fi àṣẹ tí ẹ fi yọ ọ́ hàn mí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bóyá nọ́ńbà àṣírí mi yí padà lọ́jọ́ náà, ní aago mélòó, àti ohun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà. Gẹ́gẹ́ bí abala 37, ìlà kẹta, òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ti wí, mo ń retí èyí láàárín wákàtí 72 tí ẹ bá gba ìwé yìí. Lónìí yìí kan náà, ẹ kọ̀wé sí báńkì tí owó náà wọlé sí kí wọ́n de ohun tó bá kù níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn mi, ẹ sì dá mi lóhùn lórí ìwé.

Ó parí síbẹ̀. Ojú ewé kan péré, yàtọ̀ sí èyí tí a to àwọn Session ID sí. Àbúrò rẹ̀ kan kà á, ó ní ó le jù, kò sí ẹ jọ̀wọ́ níbẹ̀, kò sí ẹ ṣàánú mi. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Láàárín wa níbí, bí ènìyàn bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, yóò kúnlẹ̀ kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé yẹn kò ní rí ìkúnlẹ̀ rẹ. Bí ó bá ka ‘ẹ bá mi wò ó’, yóò wò ó, yóò sì ti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tí ìwé náà ní kí ó ṣe. Bí ó bá ka iye owó, aago àti ọjọ́, ó ní láti dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé yẹn. A kò sọ pé òṣìṣẹ́ wọn jalè, torí pé a kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀sùn tí kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kan òṣìṣẹ́ ti fún báńkì ní ohun mìíràn láti bá a jiyàn lé lórí.

Aago 9:20 àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a fi ìwé náà sílẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni a mú lọ. Ọ̀kan jẹ́ tiwọn. Wọ́n ní láti lu òǹtẹ̀ sórí èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago síbẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí a mú un padà sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á fẹ́ gba méjèèjì. Ó ní ọ̀gá òun yóò lu òǹtẹ̀ lọ́sàn-án. A jókòó. A kò pariwo, a kàn jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìlà àwọn tó wà lẹ́yìn wa ti ń gùn, ó lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ímeèlì báńkì láti inú gbọ̀ngàn wọn níbẹ̀, kí ọjọ́ àti aago lè wà lórí rẹ̀. Ẹ má sì kúrò láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ńbà, ohùn lásán ni.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má ba à lọ sílé pẹ̀lú ìrètí tó ju bó ṣe yẹ lọ. Wákàtí 72 pé ní 9:20 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Owó kò wọlé. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, àlááàtì dún: ₦100,000. Apá kejì nìyẹn, èyí tó jáde lẹ́yìn ìpè. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dáhùn lórí ìwé nípa apá àkọ́kọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà àṣírí yí padà ní 6:08 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lójú káàdì rẹ̀ àti láti orí síìmù rẹ̀. Wọ́n ní ìwọ̀nyí ni àṣẹ, àti pé àìbìkítà rẹ̀ ló jẹ́ kí olè rí wọn lò.

Ibí ni òfin náà ti ní ààlà, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Abala 19 òfin kan náà sọ pé báńkì ní láti dáàbò bo oníbàárà lọ́wọ́ ìjìbìtì, ṣùgbọ́n bí àbò náà bá já, oníbàárà ni yóò fi hàn pé ó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ báńkì. Ẹrù náà wúwo fún ẹni tó ń ta èlùbọ́. Ìyẹn ló fà á tí mo fi ní kí ẹ pe báńkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí fóònù bá sọnù, kódà bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú fóònù ẹni tó jókòó tì yín. Ìpè kì í bẹ̀rẹ̀ aago wákàtí 72, ṣùgbọ́n òun ló ń sún ẹrù kúrò ní èjìká yín sí tiwọn. Bí ìyá yìí bá ti pè láti Obajana, tí kò dúró títí ó fi dé Kàbà, ó ṣeé ṣe kí gbogbo owó náà wà ní apá kejì. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má jẹ́ kí kọ́bọ̀ jáde mọ́ nínú àkáǹtì náà, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ má gbà kí wọ́n ní kí ẹ wá lọ́jọ́ Ajé.

Ní ti ìkọ̀wé sí báńkì tí owó wọlé sí, ó so èso díẹ̀. Wọ́n bá ₦31,500 nínú àkáǹtì náà, wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Ẹni náà ti fi pí-ó-ẹ́ẹ̀sì gba ìyókù. Owó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ kì í rọrùn láti gbà jáde, torí pé báńkì kejì kò mọ̀ ọ́, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lórí àkáǹtì náà. A gba ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, a lọ búra ní ilé ẹjọ́, a fi méjèèjì ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ₦31,500 náà tó dé.

₦68,500 ló kù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí ẹ̀sùn náà kò sì tíì yanjú, a gbé e lọ sí Báńkì Àpapọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń fún báńkì kí wọ́n tó dá sí i, wọn kì í sì í gba ẹ̀sùn ẹni tí kò tíì kọ̀wé sí báńkì tirẹ̀. Ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ni a kọ ọ́ sí, ní cpd@cbn.gov.ng, a sì fi ẹ̀dà sílẹ̀ ní ẹ̀ka wọn ní Lọ́kọ́jà. A so ìwé tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà ẹ̀sùn, àti èsì tí báńkì fọwọ́ sí. Báńkì tún ní láti dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èsì kan náà ni wọ́n mú wá, ti nọ́ńbà káàdì yẹn, ₦68,500 náà kò sì padà títí di òní. Agbẹjọ́rò kan sọ fún wa pé a lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, pé kóòdù àṣírí tí a lè fi káàdì tó sọnù dá sílẹ̀ láìrí ojú oníbàárà jẹ́ àlébù lára báńkì. Ó dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Ìyá náà ṣírò owó ọkọ̀ àti owó agbẹjọ́rò, ó ní òun kò lọ.

Ṣùgbọ́n ó kù kan. Nígbà tí ₦100,000 wọlé Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ní kí ó wo iye náà dáadáa. ₦100,080.63 ni a kọ sínú ìwé. Owó ìfiránṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí a fi sílẹ̀, òun tí ojú ń tì lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí ìyàwó ọmọ òun tún jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́rin ni ìwé kejì: nọ́ńbà ẹ̀sùn, iye tí òun béèrè, iye tí wọ́n dá padà, ‘ó ku ₦80.63’. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ, ó jókòó síwájú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn títí ó fi lu òǹtẹ̀ lé e. Ó sọ fún mi pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Màmá, nítorí ọgọ́rin náírà?’ Ó ní òun dá a lóhùn pé, ‘Bí ó bá kéré, ẹ san án.’ Ọjọ́ kejì ni wọ́n san án.